Ọmọ Ta Ni? Ohun Tó Yẹ Kó Wà Nínú Profáìlì Ẹni Tó Ń Wá Ìgbéyàwó

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti ní profáìlì lórí áàpù tí wọ́n fi ń wá olólùfẹ́, a ò kàn sọ fún ilé ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí a bá mú ẹni náà délé, ìyá wa kò ní béèrè bóyá ó máa ń pa wá lẹ́rìn-ín. "Ọmọ ta ni? Ìlú wo ni wọ́n ti wá?" ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi wá. Èrò tiwa ni pé profáìlì tí kò bá lè dáhùn díẹ̀ nínú irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, eré ló ń wá, bí ẹni tó kọ ọ́ tilẹ̀ ń pariwo ìgbéyàwó.

Ẹ rántí ohun tí wọ́n kọ́ wa nípa àṣà ìgbéyàwó. Lẹ́yìn ìfojúsóde, alárinà ló ń bọ́ sójú ọ̀nà, tí yóò máa gbé ọ̀rọ̀ lọ gbé ọ̀rọ̀ bọ̀. Ìdílé méjèèjì á sì ṣe ìwádìí: ṣé kò sí wèrè, ẹ̀tẹ̀, wárápá tàbí olè nílé náà? Ṣé kò sí ẹ̀jẹ̀ tó pa àwọn ọmọ náà pọ̀? Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìjọ́hẹn, ìtọrọ àti ìdána. Lórí áàpù, a ń fojú sóde tán, a sì ń fò kọjá alárinà àti ìwádìí bọ́ sí ìjọ́hẹn. Kò sí ẹni tó máa ṣe iṣẹ́ alárinà níbẹ̀, àfi bí profáìlì fúnra rẹ̀ bá ṣe é.

Ọ̀rẹ́ wa kan wà tí a máa pè ní Àdùkẹ́, torí kì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, Kìrìsítẹ́nì ni àwọn ará ilé rẹ̀, jẹ́nótáìpù rẹ̀ sì jẹ́ AS. Ohun tó kọ́kọ́ kọ nìyí: "Mo fẹ́ràn orin, ìrìn-àjò àti oúnjẹ tó dùn. Ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́run, tó sì mọ ibi tó ń lọ, ni mo ń wá."

Kò sí irọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni kò fẹ́ràn oúnjẹ tó dùn? Ó pàdé ọmọkùnrin kan tó níwà, wọ́n sì ń bá ọ̀rọ̀ bọ̀ fún oṣù mẹ́jọ kí wọ́n tó bi ara wọn ní jẹ́nótáìpù. AS ni òun náà. Bí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó ṣeé ṣe kí ọmọ náà jẹ́ SS, kó sì ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ìyá rẹ̀ sunkún, ó ní òun kò lè gbà. Wọ́n pínyà. Oṣù mẹ́jọ wọlẹ̀ nítorí lẹ́tà méjì tí kò kọ.

Inú bí i, ó wá kọ òmíràn: "Ọmọ Yorùbá nìkan. Kìrìsítẹ́nì, AA, ọmọ ilé rere. Kó má ju ọdún 30 lọ. Bí o kò bá ṣe tán, má wulẹ̀ kọ̀wé sí mi." Nígbà tí a kà á, ńṣe ló dà bíi pé bàbá rẹ̀ ló kọ ọ́. "Ọmọ ilé rere" kò sọ nǹkan kan, torí kò sẹ́ni tó máa kọ̀wé pé ilé burúkú ni òun ti wá. Ìwádìí ló ń fi ìyẹn hàn. Èyí tó burú jù ni pé "ọmọ Yorùbá nìkan" kì í ṣe èrò tirẹ̀. Bó bá rí ọmọ Ẹdó tó wù ú, á fẹ́ ẹ. Àwọn tó kọ̀wé sí i nígbà yẹn ń wá ìyàwó tí kò ní lóhùn nínú ilé, torí ohun tí wọ́n gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, a jókòó tì í, ó sì kọ ẹ̀kẹta:

"Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, ọmọ ọdún 23, Kìrìsítẹ́nì. AS ni mí, nítorí náà AA nìkan ni mo lè bá sọ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Ìgbéyàwó ni mo ń wá, lẹ́yìn tí mo bá ṣe àgùnbánirọ̀ tán. Ọmọ Yorùbá ni àwọn òbí mi fẹ́. Ní tèmi, ẹni tó bá lè jókòó bá wọn sọ̀rọ̀ ni mo fẹ́, ibi yòówù kó ti wá. Bí ọ̀rọ̀ wa bá wọ̀, màá fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n ìyá mi mọ̀ ẹ́ láàárín oṣù mẹ́ta. Mo máa ń jiyàn lórí òwe, àmàlà mi sì máa ń ní kókó."

Ẹ wo gbólóhùn tó sọ nípa àwọn òbí rẹ̀: apá méjì ló ní. Bí apá kìíní kò bá sí, ọ̀rọ̀ náà máa ba ẹni tó ń bọ̀ lójijì lọ́jọ́ tó bá dé ilé wọn. Bí apá kejì kò bá sí, Àdùkẹ́ fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀ nìyẹn. Kò sì dárúkọ bàbá rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta yẹn. Bí a bá mú ọkùnrin lọ bá bàbá, ó ti ń dà bí ìtọrọ, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ìyá lè ṣe alárinà: á wò ó, á bi í léèrè ọ̀rọ̀, á sì mọ bí a ṣe ń gbé e délé.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò kọ: orúkọ bàbá, agboolé, ṣọ́ọ̀ṣì, họ́sítẹ́ẹ̀lì. Àwa tí a ń kọ́ Yorùbá mọ̀ pé orúkọ ń tú àṣírí. Ayàn- ń tọ́ka sí ilé onílù, Ọdẹ- sí ilé ọdẹ, Ọ̀jẹ̀- sí ilé eégún. Oríkì ìdílé tún ń sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹlẹ́tàn lè fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe bí ẹbí. Ṣùgbọ́n kí ọkàn tó lọ jìnnà, ẹ bi ara yín ní ìlú àti agboolé ìyá àti ti bàbá. Yorùbá kì í fẹ́ ẹ̀jẹ̀ ara wọn, orúkọ bàbá kò sì lè fi ẹbí ìyá hàn.

Profáìlì kò lè ṣe ìwádìí tán. Ẹnikẹ́ni lè kọ AA. Ẹ jọ lọ ṣe àyẹ̀wò, ní ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, torí àṣìṣe máa ń wà nínú èsì.

Àwọn kan nínú wa ní bí a bá dárúkọ òbí, àwọn èèyàn á sá. Òótọ́ ni, àwọn tó ń kọ̀wé sí Àdùkẹ́ dín kù gan-an. Ṣùgbọ́n ẹni tó sá nítorí gbólóhùn kan, ṣé ó máa lè dúró níwájú àwọn àbúrò bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ ìtọrọ? Ó sàn kó sá nísinsìnyí.

Bí ojú bá ti mojú, alárinà á yẹ̀ba. Àdùkẹ́ ti yọ profáìlì rẹ̀ kúrò ní oṣù tó kọjá. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ sì ti bi í pé, "Ọmọ ta ni?" Ìdáhùn wà lẹ́nu rẹ̀.