Ìgbà wo ló yẹ ká gba òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́?



Ìyá kan tó ń ránṣọ ní Kétu bi wá pé: «Iṣẹ́ mi ti pọ̀ ju ọwọ́ mi lọ. Ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta ni mo ní, mo sì máa ń pe alágbàṣe nígbà tí ilé-ìwé bá fẹ́ wọlé. Ṣé kí n gba ẹnìkan tí n ó máa sanwó oṣù fún ni, àbí kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?» Ìbéèrè gidi ni, ìyá wa. Ẹ jẹ́ ká mú kàyé, ká ṣírò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya àwọn ènìyàn náà sọ́tọ̀. Ọmọ iṣẹ́ wá kọ́ṣẹ́ ni. Òbí rẹ̀ ló fà á lé ọ̀gá lọ́wọ́, ẹ̀kọ́ sì ni gbèsè tí ọ̀gá jẹ ẹ́. Alágbàṣe ti mọ iṣẹ́, ó ní ẹ̀rọ tirẹ̀, iye aṣọ tó bá rán la ń san fún un, ó sì lè sọ pé òun kò ráyè. Òṣìṣẹ́ olówó oṣù ń wá ní wákàtí tí ẹ bá fún un, ó ń ṣe ohun tí ẹ bá ní kó ṣe, bí iṣẹ́ wà, bí iṣẹ́ kò sí, owó rẹ̀ dúró. Orúkọ tí ẹ pè é kọ́ ni òfin ń wò. Bí ẹni tí ẹ ń pè ní alágbàṣe bá ń wá ní agogo mẹ́jọ lójoojúmọ́, tó ń jókòó sí ìdí ẹ̀rọ yín, tí kò sì lè kọ iṣẹ́ yín, òṣìṣẹ́ ni lójú òfin.

Níbi ọmọ iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá ti ń tàn ara wọn jẹ. Ní Bẹ̀nẹ̀, òfin ní kò gbọdọ̀ kéré sí ọmọ ọdún 14, kí àdéhùn rẹ̀ sì wà ní kíkọ. Ẹ wá bi ara yín pé: bí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi kò bá wá fún ọ̀sẹ̀ kan, ṣé aṣọ oníbàárà yóò parí? Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, ẹ ti ní òṣìṣẹ́ tí ẹ kò sanwó fún. Èyí tó burú jù ni ọmọ tó ti gbòmìnira, tí ọ̀gá tún dá dúró fún ọdún kan kó fi «dúpẹ́». Ọmọ yẹn ni òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ẹ ń wá kiri, owó rẹ̀ nìkan ló kù.

Ó yá, kí ni òṣìṣẹ́ olówó oṣù ń gbà lọ́wọ́ ọ̀gá? Láti oṣù kìíní ọdún 2023, owó oṣù tó kéré jù ní Bẹ̀nẹ̀ ti di 52.000 fránkì, ní Tógò, 52.500 ni wọ́n gbé e sí lọ́dún yẹn kan náà. Ọ̀gá ní Bẹ̀nẹ̀ tún ń san tirẹ̀ fún CNSS, àpò tí owó ìfẹ̀yìntì àti owó ọmọ òṣìṣẹ́ ti ń jáde. Ó kéré tán, ìyẹn jẹ́ 16,4 nínú 100 owó oṣù náà, èyí tó jẹ́ 8.528 fránkì. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 60.528 lóṣù. Òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ń fi 3,6 nínú 100 sílẹ̀ fún àpò náà, tó jẹ́ 1.872, yóò mú 50.128 lọ sílé.

Ẹ jẹ́ ká fi aṣọ ilé-ìwé ṣe ìwọ̀n. Ká sọ pé 3.500 ni ìyá wa ń gbà láti rán ẹ̀wù àti ṣòkòtò kakí kan. Òwú, bọ́tìnnì àti iná mànàmáná jẹ 500, ó ku 3.000. Ó ń fún alágbàṣe ní 1.500, òun náà mú 1.500.

Bí a bá pín 60.528 sí ọ̀nà 3.000, a ó rí i pé òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ rán aṣọ 21 lóṣù kó tó bọ́ ara rẹ̀. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, àpò ọ̀gá ló ń jẹ. Bí a bá sì pín in sí ọ̀nà 1.500, a ó rí 41. Láti 21 títí dé 40, òṣìṣẹ́ ń bọ́ ara rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n alágbàṣe ṣì rọrùn fún ọ̀gá jù ú lọ. Láti 41 lọ sókè, òṣìṣẹ́ olówó oṣù ló sàn. Ẹni tó ń rán méjì lóòjọ́, fún ọjọ́ 22, yóò rán 44. Ó ṣeé ṣe.

Ṣùgbọ́n oṣù wo ni ká wò? Ibẹ̀ ni àṣìṣe wà. Ìyá wa ń wo oṣù kẹjọ àti ìkẹsàn-án, nígbà tí aṣọ 60 tàbí 70 ń wọlé ju ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ká lọ. Ẹ wo oṣù kejì àti ìkarùn-ún, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò rántí aṣọ ilé-ìwé. Bí àṣẹ́kù iṣẹ́ nígbà náà bá jẹ́ 12, ẹ má tíì gba òṣìṣẹ́; ẹ pe alágbàṣe fún oṣù méjì tó le, ẹ sì sanwó rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá mú aṣọ dé.

Ohun kan kù tí kàyé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ní: iṣẹ́ tí ẹ dá padà. Oníbàárà tí ẹ sọ fún pé «kò sáyè», ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí oṣù kejì bá fi aṣọ 12 hàn tí ẹ rán àti 31 tí ẹ dá padà, 43 nìyẹn. Bí oṣù tó rọ̀ bá ti ń fi bẹ́ẹ̀ hàn léraléra, àkókò ti tó. Kí owó oṣù mẹ́ta, 181.584, sì wà nípamọ́ kí ẹ tó pè é, nítorí oníbàárà lè pẹ́ kó tó sanwó, ṣùgbọ́n ebi òṣìṣẹ́ kì í dúró.

Bí ẹ bá ti gbà á, ẹ kọ àdéhùn ní ẹ̀dà méjì: iṣẹ́ rẹ̀, wákàtí rẹ̀, owó rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò máa gbà á. Wákàtí 40 ni ọ̀sẹ̀ iṣẹ́. Ohun tó bá lé, owó tirẹ̀ náà gbọ́dọ̀ lé. Ọjọ́ ìsinmi méjì ló ń kó jọ lóṣù kọ̀ọ̀kan. Oúnjẹ ọ̀sán tí ẹ fún un kì í ṣe owó oṣù, ẹ má sì sọ pé «ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni» kí ẹ fi dín in kù. Bí ó bá ba aṣọ jẹ́, ẹ kọ́ ọ. Ẹ má bu owó ìtanràn lé e.

Ẹ ṣàkíyèsí èyí pẹ̀lú. Lóṣù tó bá rán 44, alágbàṣe ìbá gba 66.000. Òṣìṣẹ́ yín náà mọ ìṣirò. Ó fara mọ́ 50.128 nítorí pé oṣù kejì dá a lójú, ó sì ń retí owó ìfẹ̀yìntì. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń kọjá 44, ẹ bá a ṣe àdéhùn owó lórí ẹyọ aṣọ kọ̀ọ̀kan tó lé, yàtọ̀ sí owó wákàtí àlékún. Póòpù Léò Kẹtàlá ti kọ́ wa nínú lẹ́tà rẹ̀ ti ọdún 1891 pé àdéhùn ẹnu méjì nìkan kò tó. Owó náà gbọ́dọ̀ lè bọ́ òṣìṣẹ́. Àwọn baba wa náà sì ti sọ pé àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Ìyá wa, ẹ bẹ̀rẹ̀ kàyé náà lónìí, ẹ kọ ọ́ fún ọdún kan gbáko. Oṣù tó rọ̀ jù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò níbẹ̀. Ó dìgbà kan ná.