Ẹ Ra Ìwé Kejì fún Ọmọ Tó Ń Lọ sí Áítì

Ẹ̀yin ará Dàda Ẹ̀sítéètì, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀gbọ́n tí ẹ ní ọmọ iléèwé gíga nílé, ẹ gbọ́ mi. Ètò Síwẹ̀sì, tí àjọ Áì-Tíì-Ẹ́fù dá sílẹ̀ lọ́dún 1973, ló ń gbé àwọn ọmọ wa lọ sí áítì. Lọ́ọ́gìbúùkù tí wọ́n ń fún wọn, iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kọ sí i, ọ̀gá ibi iṣẹ́ á sì máa fọwọ́ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ọ̀gá bá kọ̀, làálàá oṣù mẹ́rin tàbí mẹ́fà lè dòfo. Bírò ìfọwọ́sí yẹn gan-an ni àwọn ọ̀gá kan fi ń mú ọmọ.

Ká sọ pé ọmọbìnrin kan ládùúgbò wa ń ṣe áítì níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Wọ́n ní kó fọ ìgò, kó gbálẹ̀ nígbà tó bá kàn án. Ọ̀gá jágbe mọ́ ọn nítorí pé ó da orúkọ aláìsàn méjì pọ̀. Ó dùn ún, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni wọ́n bá a wí lé lórí, ẹ má sọ ọ́ di ẹjọ́. Lọ́sẹ̀ kẹta, ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í ní kó dúró nígbà tí àwọn yòókù bá ti lọ, ó sì fọwọ́ kàn án níbi tí kò yẹ. Ọmọ ní òun ò fẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, ọ̀gá ò fọwọ́ sí ìwé mọ́: "Ìgbà tó o bá gbọ́ràn ni." Ibi tí ó ti di ìfìyàjẹni nìyẹn. Ohun tó ń bèèrè ò kan iṣẹ́, ọmọ ti kọ̀, ó sì ń fi ìfọwọ́sí dẹ ẹ́. Bó bá jẹ́ owó ló ní kí ọmọkùnrin kan mú wá kí òun tó fọwọ́ sí i, ọ̀kan náà ni.

Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, kí ọmọ má kọ ọ́ sínú lọ́ọ́gìbúùkù, nítorí ọ̀gá yẹn ló ń kà á. Ìwé kékeré mìíràn ni kó rà, kó fi í sílé. Lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni kó kọ ọ́: ọjọ́, aago, yàrá wo, ta ló wà níbẹ̀, ohun tí ọ̀gá sọ ní èdè tó fi sọ ọ́, àti èsì tí òun fún un. Bó bá ṣi nǹkan kọ, kó fa ìlà sí i, kó má ya ojú ìwé. Lọ́ọ́gìbúùkù á wá di ẹlẹ́rìí kejì, torí á fi hàn pé ọmọ wà níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Bí àtẹ̀jíṣẹ́ bá wọlé lórí Wáásáàpù, kó ya àwòrán ojú fóònù lójú ẹsẹ̀, kí nọ́ńbà àti ọjọ́ hàn, nítorí ẹni tó fi í ránṣẹ́ lè pa á rẹ́. Kó má ta fóònù náà, torí òfin ẹ̀rí ti 2011 fẹ́ mọ ẹ̀rọ tí nǹkan bẹ́ẹ̀ ti wá. Kó sì sọ fún ẹnì kan lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹni yẹn lè wá jẹ́rìí lọ́la.

Bó bá dé orí ká fẹjọ́ sùn, kó má lọ bá ọ̀gá tó ṣe é. Lẹ́tà ni kó kọ sí olórí ilé iṣẹ́ tàbí ẹni tó ń bójú tó àwọn òṣìṣẹ́. Kó tẹ ẹ̀dà mẹ́ta, kí ẹni tó gbà á fọwọ́ sí ẹ̀dà tí ọmọ máa tọ́jú pẹ̀lú ọjọ́. Lọ́jọ́ náà ni kó fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì Síwẹ̀sì ní iléèwé rẹ̀. Kó má dúró de olùkọ́ tó ń wá bẹ̀ wọ́n wò, torí ó lè pẹ́ kó tó dé. Iléèwé lè bá a wá ibòmíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè pàdánù ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Áì-Tíì-Ẹ́fù náà lè gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọlọ́pàá. Bí wọ́n bá fipá bá ọmọ lò, ilé ìwòsàn ló kọ́kọ́ kàn, kó má ju wákàtí 72 lọ, kó má sì wẹ̀, kó má fọ aṣọ tó wọ̀. Lẹ́yìn náà ni ọlọ́pàá.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ọmọ áítì kì í ṣe òṣìṣẹ́, nítorí náà òfin ò kàn án, ẹ dá a lóhùn. Àdéhùn 190 ti àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé, tí wọ́n ṣe lọ́dún 2019, tí Nàìjíríà sì fọwọ́ sí lọ́dún 2022, ka àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ mọ́ àwọn tó yẹ kí wọ́n dáàbò bò.

Ẹ̀yin òbí, mo bẹ̀ yín, bí ọmọ bá délé lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ ní kó gbé lọ́ọ́gìbúùkù wá. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá wà tí wọn ò fọwọ́ sí, ẹ bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí ló fà á, kí ẹ sì dákẹ́ títí tó fi máa sọ̀rọ̀ tán.