Ṣé Ààwẹ̀ Ni Mo Fi Ra Àánú?

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, àbúrò mi obìnrin kan tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Áńgílíkà wa fi orin tí ó kọ fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ó ti ká a sílẹ̀ ní sítúdíò, ó sì ti san owó. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo àmì ohùn rẹ̀ kí n tó gbé e jáde." Àmì ohùn ni ó bẹ̀ mí sí o, ṣùgbọ́n ègbè orin náà ni ó dá mi dúró:

"Mo fi ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ra àánú Rẹ,
Mo rí ìgbàlà, n kò lè ṣubú mọ́ láéláé."

Mo mọ ibi tí orin yìí ti wá. Lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀, ó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, òru ọjọ́ kẹta sì ni ó kọ́kọ́ dá a lójú pé Ọlọ́run ti dárí ji òun. Ẹ̀rí rẹ̀ ni. Ta ni èmi tí n ó na bírò sí i?

Síbẹ̀, orin tí ìjọ yóò máa kọ ti kúrò ní ẹ̀rí ẹnìkan. Bí mo ṣe máa ń yẹ irú rẹ̀ wò kò ṣòro. N ó da ọ̀rọ̀ orin náà kọ sílẹ̀ láìsí àtúnsọ àti láìsí ìlù, nítorí ìlù a máa bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. N ó wá fa igi sí abẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan, kí n bi í pé: ta ni ó ṣe é, kí ni ó sì fi ṣe é? Nínú ìlà kìíní, "fi" sọ ààwẹ̀ di ohun èlò, "ra" sì sọ ọ́ di owó. Bẹ́ẹ̀, orúkọ tí Yorùbá fún ohun tí à ń sọ yìí ni ore-ọ̀fẹ́. Ta ni í ra ọ̀fẹ́?

Mo ṣí Abala Ẹ̀kọ́ 39, tí Ìjọ Áńgílíkà ti ń lò láti ọdún 1571. Abala 11 kọ́ni pé nítorí ìtóye Kristi nìkan, nípa ìgbàgbọ́, ni a fi ń dá wa láre. Abala 12 ní iṣẹ́ rere jẹ́ èso tí ń tẹ̀ lé ìdáláre, kò lè mú ẹ̀ṣẹ̀ kúrò. Ààwẹ̀ lè wà nínú orin, ṣùgbọ́n kò lè jókòó sí àyè tí ó fi í sí.

Ìlà kejì yàtọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi, wọn yóò fi ayọ̀ gbà á, nítorí ẹ̀kọ́ wọn ni pé ẹni tí Ọlọ́run gbà là ní tòótọ́ kì í ṣègbé níkẹyìn. Àmọ́ Abala 16 tiwa sọ pé ẹni tí ó ti gba Ẹ̀mí Mímọ́ lè yà kúrò nínú ore-ọ̀fẹ́ kí ó sì ṣubú, ore-ọ̀fẹ́ sì lè gbé e dìde.

Nígbà tí mo ṣàlàyé, inú rẹ̀ bàjẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n wá yọ ààwẹ̀ mi kúrò ni?" Èmi náà kò mọ èsì, ni a bá lọ bá fíkà. Bàbá kò sọ pé kí ó yọ ohunkóhun. Wọ́n kàn bi í pé, "Ọmọ mi, ta ni ó fi sí ọ lọ́kàn láti gbààwẹ̀?" Ó dákẹ́. Abala 10 ni wọ́n ń tọ́ka sí, níbi tí a ti kọ́ni pé ore-ọ̀fẹ́ ni í ṣáájú kí a tó lè fẹ́ ohun tí ó wu Ọlọ́run. Kí a tó dé ilé, ó ti kọ ègbè tuntun:

"Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, àánú Rẹ ti ṣáájú mi débẹ̀,
Bí mo bá ṣubú, ore-ọ̀fẹ́ Rẹ ni yóò gbé mi dìde."

Àyẹ̀wò lè di àṣejù o. Ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ ní kí a yọ "mo wá síwájú Rẹ" pẹ̀lú, pé kò sí ẹni tí ń dá wá. Fíkà kọ̀: wíwá kì í ṣe sísanwó.

Ó ti san owó sítúdíò lẹ́ẹ̀kejì fún ègbè náà. Ní alẹ́ àná ni mo tún ka ẹsẹ̀ kẹta, tí mo rí i: "Nítorí mo sìn Ọ́, O gbà mí là." Mo fa igi sí abẹ́ "nítorí", mo sì pè é. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n wá bírò."