Ìpíndọ́gba 50 àti 50: Kíláàsì Méjì ní Ọ̀fà Tí Kò Jọra Rárá

Ẹ yẹ rìsọ́ọ̀tì ọmọ iléèwé kan wò ní àdúgbò yín. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ máàkì ọmọ náà, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí nọ́ńbà mẹ́ta míì: máàkì tó ga jù ní kíláàsì, èyí tó kéré jù, àti ìpíndọ́gba kíláàsì. Mi ò bá ìpíndọ́gba jà lónìí. Àwọn méjì yòókù ni mo bá wá. Tó bá jẹ́ àwọn nìkan la fi ń mọ bí àwọn ọmọ kíláàsì kan ṣe jìnnà síra wọn tó, èrò mi ni pé wọ́n máa ń ṣi tíṣà lọ́nà. Ojú mi rí i ní Ọ̀fà.

Nínú ìsinmi gígùn kan, mo ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì àgbà ní ìṣirò níbì kan tí kò jìnnà sí ibùdó rélùwéè. Kíláàsì méjì la ní, ti àárọ̀ àti ti ọ̀sán, ọmọ 11 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, a fún gbogbo wọn ní ìdánwò kan náà, 100 ni gbogbo máàkì rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo gbé èsì lọ fún ọ̀gá wa, agùnbánirọ̀ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà láti máa ràn wá lọ́wọ́ ni, àmọ́ kíláàsì kan ṣoṣo ló ráyè fún. Èwo ni kó lọ?

Ìpíndọ́gba ò lè dáhùn ìyẹn. 50 ni ti àárọ̀, 50 ni ti ọ̀sán. Ọ̀gá wá wo tó ga jù àti tó kéré jù. Ní àárọ̀, 80 àti 12. Ní ọ̀sán, 74 àti 26.

"Ti àárọ̀ ló fọ́nká," ọ̀gá ní. "Àwọn ọmọ yẹn ò bára wọn dọ́gba rárá. Ibẹ̀ ni kó lọ."

Mo ní, "Ẹ má bínú sà, ẹ bá mi wo àwọn tó wà láàárín."

"Tíṣà, ṣé 68 ò ju 48 lọ ni?"

68 ju 48 lọ lóòótọ́. Ohun tí ọ̀gá ṣe, tó fi máàkì tó kéré jù yọ kúrò nínú èyí tó ga jù, ni wọ́n ń pè ní réǹjì. Ó rọrùn, ọmọ tó mọ ìyọkúrò lè ṣe é. Wàhálà rẹ̀ ni pé ọmọ méjì péré ló bi léèrè nínú 11. Ohun tí àwọn mẹ́sàn-án tó kù gbà ò kàn án. Ẹ wo máàkì wọn bí mo ṣe tò ó láti ìsàlẹ̀ sókè (mo ti yí díẹ̀ nínú rẹ̀ padà kí ẹnikẹ́ni má bàa dá ọmọ kankan mọ̀):

Àárọ̀: 12, 46, 48, 49, 50, 51, 52, 53, 54, 55, 80

Ọ̀sán: 26, 28, 30, 33, 40, 50, 60, 67, 70, 72, 74

Ẹ rò wọ́n pọ̀, 550 ni ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ pín in sí 11, ó di 50. Ẹ wá fi ọwọ́ bo nọ́ńbà àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn nínú ti àárọ̀. Ọmọ mẹ́sàn-án tó ṣẹ́ kù wà láàárín 46 sí 55, bí ìgbà tí wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan. Ní ọ̀sán, ẹ̀ báà bo méjì, kódà kí ẹ bo mẹ́rin, àwọn tó kù ṣì jìnnà síra wọn.

Fífi ọwọ́ bo yẹn gan-an ni ìwọ̀n kejì tí mo fẹ́ sọ, àfi pé ó ní òfin. Ẹ to máàkì láti kékeré dé ńlá. Ẹ ya ìdá kan nínú mẹ́rin sọ́tọ̀ nísàlẹ̀, ẹ ya ìdá kan nínú mẹ́rin sọ́tọ̀ lókè, kí ẹ wá wọn bí ìdajì tó kù láàárín ṣe fẹ̀ tó. Ibi tí a ti gé e nísàlẹ̀ ni kúátáìlì kìíní, ibi tí a ti gé e lókè ni kúátáìlì kẹta. Ẹ yọ ti ìsàlẹ̀ kúrò nínú ti òkè. Ìntákúátáìlì réǹjì ni wọ́n ń pè é ní kíláàsì, ó wà nínú ohun tí Wáẹ̀kì ń bi ọmọ nínú ìṣirò. Èmi á máa pè é ní ìfẹ̀ àárín, nítorí ohun tó jẹ́ gan-an nìyẹn.

Fún ọmọ 11, ẹ fi 1 kún un, ó di 12. Ìdá mẹ́rin 12 jẹ́ 3, torí náà ọmọ kẹta láti ìsàlẹ̀ ni kúátáìlì kìíní, ọmọ kẹsàn-án sì ni kúátáìlì kẹta. Ní àárọ̀, ọmọ kẹta gba 48, ọmọ kẹsàn-án gba 54. Ìfẹ̀ àárín jẹ́ 6. Ní ọ̀sán, ọmọ kẹta gba 30, ọmọ kẹsàn-án gba 70. Ìfẹ̀ àárín jẹ́ 40.

Ìdájọ́ ti yí padà pátápátá. Réǹjì ní ti àárọ̀ ló fọ́nká jù, 68 sí 48. Ìfẹ̀ àárín ní ti ọ̀sán ni, 40 sí 6. Kò sí èyí tó ṣi ìṣirò ṣe nínú àwọn méjèèjì, ìbéèrè tí wọ́n ń dáhùn ló yàtọ̀. Èyí tó kan tíṣà jù ni pé: tí mo bá dúró níwájú pátákó, tí mo kọ́ ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo, ọmọ mélòó ló máa bá mi lọ? Ní àárọ̀, mẹ́sàn-án. Ní ọ̀sán, tí mo bá kọ́ni fún ẹni tó gba 50, ẹnì kan ṣoṣo ló gba 50. Àwọn tó wà ní 30 ò ní rí mi bá, àwọn tó wà ní 70 á máa fọ́nù lábẹ́ tábìlì.

Ọ̀gá ló ni ibẹ̀, agùnbánirọ̀ lọ sí ti àárọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi jókòó ti ọmọ tó gba 12, nítorí àwọn yòókù ò nílò rẹ̀. Òun ló sì kíyè sí ohun kan nígbà tó gbé ìwé ìdánwò ọmọ náà wò: kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ náà ò yí bébà padà! Kò mọ̀ pé ìbéèrè wà lẹ́yìn. A fún un ní ìbéèrè ẹ̀yìn náà, ó gba 30 níbẹ̀, ó di 42.

Ẹ tún réǹjì àárọ̀ ṣe: 80 yọ 42, ó ku 38. Ó ti kéré sí 48 ti ọ̀sán. Bébà kan tí ọmọ kan ò yí padà ló gbé agùnbánirọ̀ lọ síbi tí kò yẹ kó lọ. Ìfẹ̀ àárín ńkọ́? 42 ṣì ni máàkì tó kéré jù, ọmọ kẹta ṣì gba 48, ọmọ kẹsàn-án ṣì gba 54. 6 ló ṣì jẹ́, kò yẹ̀. Kódà ká ní òdo ni ọmọ náà gbà, 6 náà ni.

Àwọn kan á sọ pé ìyẹn gan-an ni àléébù ìfẹ̀ àárín, pé kò rí ọmọ tó wà nínú ìṣòro. Òótọ́ ni. Tó bá jẹ́ pé ọmọ náà ò mọ nǹkan kan ní tòótọ́, 6 ò ní sọ fún yín. Ṣùgbọ́n ìfẹ̀ àárín yìí kan náà la lè fi wá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí. Onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà kan, John Tukey, lo ọgbọ́n kan nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1977: ẹ sọ ìfẹ̀ àárín di ìlọ́po kan àtààbọ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò lára kúátáìlì kìíní, ẹ fi kún kúátáìlì kẹta. Ẹni tó bá bọ́ síta ọgbà yìí ló yẹ kí ẹ lọ wò fínnífínní. Ní àárọ̀, 6 lọ́nà kan àtààbọ̀ jẹ́ 9. 48 yọ 9 jẹ́ 39, 54 àti 9 jẹ́ 63. Ẹni tó gba 12 àti ẹni tó gba 80 bọ́ síta. Ká ní mo ti ṣe é lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni, ìwé méjì yẹn ni mo máa kọ́kọ́ ṣí, a ò bá sì ti rí bébà tí wọn ò yí padà láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ní ọ̀sán, ọgbà náà lọ láti òdo sísàlẹ̀ títí kọjá 100, ẹnikẹ́ni ò bọ́ síta. Kì í ṣe ọmọ kan ló ní ìṣòro níbẹ̀, gbogbo kíláàsì ló pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ.

Nǹkan míì tún wà tí mi ò fẹ́ràn lára réǹjì: bí ọmọ bá ṣe ń pọ̀ sí i, kò lè dín kù. Ọmọ tuntun tó wọlé á bọ́ sáàárín, kí réǹjì dúró bó ṣe wà, tàbí kó bọ́ síta, kí réǹjì fẹ̀ sí i. Torí náà, ẹni tó bá fi réǹjì kíláàsì ọmọ 60 wé ti ọmọ 11 ń fi ènìyàn púpọ̀ wé díẹ̀ ni, kò tíì sọ nǹkan kan nípa ẹ̀kọ́.

Tí ẹ bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ṣọ́ra. Nínú Excel, ẹ kọ máàkì ọ̀sán sí A1 títí dé A11, kí ẹ wá kọ ìwọ̀nyí:

```
=QUARTILE.EXC(A1:A11,3)-QUARTILE.EXC(A1:A11,1)
=QUARTILE.INC(A1:A11,3)-QUARTILE.INC(A1:A11,1)
```

Ti àkọ́kọ́ á fún yín ní 40, ti ìkejì á fún yín ní 37. Kọ̀ǹpútà ò bàjẹ́. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pinnu ibi tí wọ́n á ti gé ìdá mẹ́rin ju ẹyọ kan lọ, ìyàtọ̀ náà sì máa ń hàn tí ọmọ ò bá pọ̀. Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ lo òun náà fún kíláàsì méjèèjì. Tí ẹ bá fi 37 ti ọ̀nà kan wé 6 ti ọ̀nà kejì, ẹ ti da omi pọ̀ mọ́ epo. Ọ̀nà kejì yìí sọ pé 5 ni ti àárọ̀, ìtàn ò sì yí padà.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mo kọ ìlà méjèèjì sí pátákó, mo fa ìlà pupa sábẹ́ ọmọ kẹta àti ọmọ kẹsàn-án. Ọ̀gá dúró wò ó pẹ́. Ó ní kí agùnbánirọ̀ bọ́ sí ti ọ̀sán ní ọjọ́ Ajé. A pín àwọn ọmọ ọ̀sán sí méjì: èmi mú àwọn tó wà ní 40 sísàlẹ̀, òun mú àwọn yòókù. Àmọ́ ọmọ méjì nínú àwọn mẹ́ta tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ti dẹ́kun wíwá nígbà yẹn. Mo bi ọ̀kan léèrè lójú ọ̀nà lẹ́yìn náà, ó ní, "Bùọ̀dá, ohun tí ẹ ń kọ́ kì í ṣe ti àwa."

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ rìsọ́ọ̀tì pé kí ẹ fi nọ́ńbà méjì kún un, kúátáìlì kìíní àti ìkẹta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ga jù àti tó kéré jù. Ẹ má yọ àwọn ti tẹ́lẹ̀ kúrò o. Àlàfo tó ṣẹ́ kù lórí bébà á gbà wọ́n.