Ẹ Kọ Ọjọ́ sí Owó Ilé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ̀yin onílé tí ilé yín wà nítòsí ọgbà yunifásítì, ẹ̀yin kẹ́rétékà tí ẹ ń bá wọn gbowó, àti ẹ̀yin òbí tí ẹ ń sanwó, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ọdún mélòó kan ni mo fi bá mọ̀lẹ́bí mi bójú tó ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ilé-Ifẹ̀. Ilé náà kò tóbi: yàrá mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀dì méjì nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, ilé ìdáná méjì, balùwẹ̀ mẹ́rin, kànga ẹ̀rọ kan. Mo rí ìjà níbẹ̀, mo sì parí ìjà. Bí mo bá ti tú ìjà kan wò dé ìdí, ohun kan náà ni mo sábà máa ń bá: kò sẹ́ni tó lè sọ ọjọ́ tí owó tó san bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò tán.

Owó ọdún kan ni ọ̀pọ̀ onílé ń gbà. Kò sí àbùkù nínú ìyẹn bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí oníṣòwò ló gbalé. Àmọ́ ọdún onílé yàtọ̀ sí ọdún akẹ́kọ̀ọ́. Ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, sáà ọyẹ́ àti sáà òjò ni wọ́n pín ọdún ẹ̀kọ́ sí, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni tó bá gbé Ifẹ̀ mọ̀ pé sáà ọyẹ́ lè bọ́ sínú òjò kí òjò sì ti dá kí sáà òjò tó wọlé. Ìyanṣẹ́lódì ló ń tì í kiri. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2022, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, Àsúù, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì tí wọn kò dá dúró títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá. Oṣù mẹ́jọ gbáko! Ọmọ tó san owó ọdún kan ní oṣù Kìíní kò sùn nínú yàrá rẹ̀ ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ kí ó tó gba ilé bàbá rẹ̀ lọ. Nígbà tí yóò fi padà dé, ọdún tó sanwó fún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Onílé ní kó san òmíràn. Òbí ní òun kò rí ohun tí òun fi ti àkọ́kọ́ ṣe. Kò sí olè nínú àwọn méjèèjì, àdéhùn tí wọ́n ṣe ni kò ka ìyanṣẹ́lódì mọ́ ọn.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ máa gba owó ilé ní sáà dé sáà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kàn gé owó ọdún sí méjì tí ẹ pe ìdajì ní owó sáà, ìjà náà kò tíì lọ, ẹ kàn sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni. Sáà gbọ́dọ̀ ní iye ọ̀sẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé oníyàrá mẹ́wàá yẹn ṣírò. Ká ní ₦120,000 lọ́dún ni bẹ́ẹ̀dì kan. Bẹ́ẹ̀dì 20 yóò mú ₦2,400,000 wá, bí gbogbo rẹ̀ bá kún. Tí ẹ bá gbà á ní ₦60,000 lórí sáà kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo tó bá ṣófo yóò dín owó yín kù, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀dì máa ń ṣófo ní ìgbà tí sáà bá yí, nítorí àwọn kan ti kẹ́kọ̀ọ́ yege, àwọn mìíràn ti rí ààyè nínú ọgbà. Nítorí náà, ẹ gbé e sí ₦65,000. Bí bẹ́ẹ̀dì 19 péré bá kún ní sáà méjèèjì, ₦2,470,000 lẹ ó rí. Òbí fi ₦10,000 lé e lọ́dún lóòótọ́, àmọ́ kò ní wá ₦120,000 lẹ́ẹ̀kan náà mọ́, ewu ìyanṣẹ́lódì sì ti fúyẹ́ lórí rẹ̀.

Ẹ wá sọ pé sáà kan nínú ilé yín jẹ́ ọ̀sẹ̀ 20, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ilé ìwé bá wọlé. Ìyẹn gba ẹ̀kọ́ àti ìdánwò, ó sì ṣẹ́ díẹ̀ kù fún ìpalẹ̀mọ́. ₦65,000 tí a pín sí ọ̀nà 20 jẹ́ ₦3,250 lọ́sẹ̀. Nǹkan kékeré yìí ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo rẹ̀: ní kété tí a bá ti mọ iye ọ̀sẹ̀ kan, kò sí ohun tó lè ṣẹlẹ̀ tí a kò ní lè ṣírò.

Ká ní ìyanṣẹ́lódì bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹjọ. Ọ̀sẹ̀ 12 ló kù, ìyẹn ₦39,000. Kíkà ọ̀sẹ̀ dúró lọ́jọ́ náà. Àmọ́ ẹrù ọmọ wà nínú yàrá, ẹ kò lè fi bẹ́ẹ̀dì náà fún ẹlòmíràn, olùṣọ́ sì ń gbowó oṣù. Kò tọ́ kí onílé nìkan ru ìyẹn. Nítorí náà ẹ máa yọ owó ìdúró tó tó ìdámẹ́rin owó ọ̀sẹ̀ kan, ká pè é ní ₦800. Bí ìyanṣẹ́lódì náà bá gùn tó ti 2022, ìyẹn ọ̀sẹ̀ 34 àti ọjọ́ díẹ̀, owó ìdúró yóò jẹ́ ₦27,200. Ọmọ náà padà dé, ó fi ₦27,200 yẹn kún un, ó sì jókòó lo ọ̀sẹ̀ 12 rẹ̀ tán. Bí kò bá fẹ́ dúró, ó kó ẹrù rẹ̀, ẹ dá ohun tó kù padà fún un, ẹ sì gba ẹlòmíràn. Níbi dídá owó padà yìí ni ọ̀pọ̀ onílé ti máa ń kọsẹ̀, nítorí wọ́n ti ná an. Ẹ má ṣe ná owó sáà tán kí sáà tó dé ìdajì. Bó bá jẹ́ pé gbèsè ilé kíkọ́ ni owó náà ń bá lọ lọ́jọ́ tó bá dé, ẹ sọ fún òbí láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹ kò ní dá owó padà, ẹ ó kàn kà á mọ́ sáà tó ń bọ̀ ni. Àdéhùn kékeré tí a mú ṣẹ sàn ju ìlérí ńlá tí a kò mú ṣẹ lọ.

Gbogbo èyí gbọ́dọ̀ wà lórí rìsíìtì. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, òfin ayálégbé ọdún 2011 sọ ọ́ di dandan kí rìsíìtì owó ilé fi orúkọ onílé àti ayálégbé hàn, ibi tí ilé wà, iye owó, àti àsìkò tí owó náà wà fún. Ifẹ̀ kò sí lábẹ́ òfin Èkó, àmọ́ kò sẹ́ni tó dí wa lọ́wọ́ láti ṣe ohun tó dára. Rìsíìtì tó kàn ní “owó ilé, ₦65,000” kò sọ nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì ló kàn. Bẹ́ẹ̀dì ni kí ẹ máa pín, ẹ má ṣe pín yàrá. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ńlá kan: Yàrá 4, bẹ́ẹ̀dì ẹ̀bá fèrèsé, orúkọ ọmọ, nọ́ńbà òbí, ọ̀sẹ̀ tó wọlé, ọ̀sẹ̀ tí yóò jáde. Ẹni tó wà nínú bẹ́ẹ̀dì ló ní ẹ̀tọ́ àkọ́kọ́ sí i, àmọ́ kó san ti sáà tó ń bọ̀ nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Bí kò bá san, bẹ́ẹ̀dì náà di ti ẹni tó kọ́kọ́ sanwó nínú àwọn tó ń dúró. Ìwé kan ṣoṣo ni kó wà, ọwọ́ ẹnìkan ni kó sì wà. Mo ti rí i tí ọmọ méjì gbé àpótí dé ẹnu ọ̀nà yàrá kan náà ní ọjọ́ kan náà, tí rìsíìtì wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, nítorí kẹ́rétékà gba ti ọ̀kan, éjẹ́ńtì gba ti èkejì.

Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ díẹ̀ kí ẹ tó so ọmọ méjì pọ̀. Ṣé o máa ń kàwé lóru? Ṣé iná títàn ń dí oorun rẹ lọ́wọ́? Aago mélòó lo ń jí gbàdúrà? Ìbéèrè mẹ́ta yìí ti gbà mí lọ́wọ́ ẹjọ́ púpọ̀. Bí ẹnìkan nínú àwọn méjì kò bá sì padà wá, ẹ má ṣe ní kí èkejì san owó bẹ́ẹ̀dì méjì. Bẹ́ẹ̀dì tó ṣófo, onílé ló ni ín.

Níkẹyìn, iná. Àjọjẹ ò dùn bẹ́nìkan ò ní, bẹ́ẹ̀ náà ni àjọlò mítà. Bí mítà kan bá ń gbé yàrá mẹ́wàá, tí ẹ ń pín owó káàdì dọ́gba, ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ọmọ kan ní fáànù oníwáàtì 70, ó ń tàn án fún wákàtí mẹ́wàá lójúmọ́: yúníìtì 21 ló lò lóṣù. Ẹnìkejì ń fi sítóòfù oníná tó jẹ́ wáàtì 1,500 se oúnjẹ fún wákàtí méjì lójúmọ́: yúníìtì 90. Iye kan náà ni wọ́n san. Ẹni tó ní fáànù yóò mọ̀ lọ́jọ́ kan, òun náà yóò sì ra sítóòfù. Láàárín oṣù méjì, káàdì tó ń tó oṣù kan kò ní pé ọ̀sẹ̀ méjì mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó ṣe mọ̀ pé ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ fi mítà kékeré sí yàrá kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá ya ẹ̀rọ omi, gílóòbù ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ti ìta sọ́tọ̀ sórí mítà kékeré tiwọn, kí ìyẹn nìkan jẹ́ owó àjọsan. Ẹ̀rọ omi oníhọ́ọ̀sì kan tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí kan lójúmọ́ kò ju nǹkan bíi yúníìtì 22 lọ lóṣù. Bí owó àjọsan bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ gan-an, ẹ pa suwíìṣì ẹ̀rọ omi àti ti gílóòbù, kí ẹ wo mítà wọn. Bó bá ṣì ń kà, ẹnìkan ti fa wáyà.

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́, ẹ béèrè ọjọ́ tí sáà ilé bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí, bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n kọ orúkọ ọmọ yín sí, àti ohun tí wọn yóò ṣe sí ọ̀sẹ̀ tó kù bí ìyanṣẹ́lódì bá dé. Ẹ̀yin onílé, ẹ má jẹ́ kí ìbéèrè náà bá yín lójijì. Kí sáà tó ń bọ̀ tó wọlé, ẹ gbé rìsíìtì yín jáde, kí ẹ fi ìlà méjì kún un: “láti ọjọ́” àti “di ọjọ́.”