Owó Ṣọ́ọ̀bù Kọ́ Ni Owó Amúlétutù

Ìgbàgbọ́ kan ti gbilẹ̀ láàárín wa, pàápàá ládùúgbò tí iná ìjọba ti ń dúró pẹ́: pé owó tí a ó san ní ṣọ́ọ̀bù nìkan ló ya amúlétutù sọ́tọ̀ sí fáànù. Wọ́n ní ẹni tó bá ti rówó rà á ti bọ́ nínú ìṣòro, pé iná tó ń jẹ kò tó nǹkan. Irọ́ ni, irọ́ náà sì ń gbọ́n àpò ọ̀pọ̀ ìdílé gbẹ. Owó tí ẹ kó fún oníṣọ́ọ̀bù ló kéré jù nínú owó amúlétutù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, ẹ ó rí nọ́ńbà kan tí W tẹ̀ lé. Ẹ̀rọ tó jẹ́ 1,000 W, tó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan, ti jẹ yúnìtì kan lórí mítà. Fáànù òrùlé kì í sábà ju 70 W lọ. Amúlétutù họ́ọ̀sì kan, irú èyí tí kì í ṣe oní-ínfátà, máa ń tó 900 W.

Èmi ò ní fi 900 yẹn dẹ́rù bà yín, nítorí ẹ̀rọ ńlá tó wà níta kì í ṣiṣẹ́ láìdúró. Bí yàrá bá ti tutù dé ibi tí ẹ yàn, á dákẹ́; bí ooru bá padà, á tún gbéra. Ká ní yàrá yín pa dé dáadáa, tó fi jẹ́ pé nínú wákàtí mẹ́wàá, méje ló fi ń ṣiṣẹ́. Láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́fà òwúrọ̀, yóò jẹ nǹkan bíi yúnìtì márùn-ún. Fáànù ò ní jẹ ju díẹ̀ lé ní ìdajì yúnìtì kan lọ.

Ká yọ àwọn òru òjò tó tutù kúrò, kó ṣẹ́ ku 300 òru lọ́dún. Amúlétutù á jẹ yúnìtì 1,500, fáànù á jẹ 168. Ní oṣù keje ọdún 2024, yúnìtì kan fún àwọn oníbáǹdì A l'Ékòó jẹ́ ₦209.50, bí a bá fi owó-orí ọjà 7.5% lé e, ó di nǹkan bíi ₦225. Iná amúlétutù lọ́dún kan di ₦337,500, ti fáànù di ₦37,800.

Ẹ wá fi owó ọjà kún un. Ká ní ẹ ra amúlétutù náà, tẹ́ ẹ sì sanwó oníṣẹ́ tó gbé e kọ́, ní ₦350,000, kí fáànù jẹ́ ₦50,000. Ní ṣọ́ọ̀bù, ìyàtọ̀ wọn jẹ́ ₦300,000. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, amúlétutù ti gba ₦2,037,500 lọ́wọ́ yín, fáànù ti gba ₦239,000. Ìyàtọ̀ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin náírà, a ò sì tíì ka owó fífọ̀ àti owó gáàsì.

Ẹni tó bá ní tòun ò rí bẹ́ẹ̀, kó bi mítà rẹ̀. Kó kọ yúnìtì tó kù sílẹ̀ kó tó sùn, kó tún kọ ọ́ nígbà tó bá jí. Kó ṣe é lóru tó lo amúlétutù, kó sì ṣe é lóru tó lo fáànù nìkan, láìyí nǹkan mìíràn padà nínú ilé. Nítorí pé fíríìjì ń jẹ iná lóru méjèèjì, ohun tó bá fi lé ló jẹ́ ìyàtọ̀ àárín amúlétutù àti fáànù.

Bí ìyàtọ̀ náà bá ń lọ sí yúnìtì méje, ẹ̀rọ náà ò sinmi rárá nìyẹn. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún níta. Nígbà mìíràn, àsẹ́ inú rẹ̀ ló dọ̀tí, tàbí kí gáàsì ti jò. Ṣùgbọ́n fèrèsé onígíláàsì pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, tí kì í pa dé tán, ló ń fa èyí tó pọ̀ jù: ooru ń wọlé bí otútù ṣe ń jáde. Ẹni tó sì fi rìmóòtù sí 16 pé kó lè tètè tutù ń tan ara rẹ̀ jẹ. Ẹ̀rọ yẹn kì í yára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ńṣe ni kò ní rí àyè dúró.

Oní-ínfátà sàn jù lóòótọ́, torí ó ń rọra ṣiṣẹ́ dípò kó máa kú kó máa jí. Síbẹ̀, nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ ò pa dé, àǹfààní yẹn kì í hàn.

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ra amúlétutù. Fáànù kì í mú yàrá tutù. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ sí wa lára ló ń gbẹ òógùn wa, bí ooru yàrá bá sì ti ju ti ara wa lọ, iṣẹ́ rẹ̀ kò tó mọ́. Arúgbó àti aláìsàn lè nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí mo bẹ̀ yín ni pé, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ka W tó wà lára ẹ̀rọ náà, ẹ fi wákàtí tiyín àti owó yúnìtì àdúgbò yín ṣírò ọdún kan. Bí ẹ ò bá lè san iye yẹn lọ́dọọdún, ẹ ò tíì lówó amúlétutù.