Ọkọ Kò Mú Owó Oúnjẹ Wá: Báwo Ni Ìyàwó Ṣe Lè Sọ Ọ́ Kí Ó Má Di Ìjà?

Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ọ̀rọ̀ tọkọtaya ló tún délẹ̀ yìí o.

Ká ní obìnrin kan ń gbé ní Ìgbẹ̀ìn, nílùú Abẹ́òkúta, tó ń ta àdìrẹ ní ọjà Ìtòkú. Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀, ìbejì ni wọ́n bí. ₦120,000 ni gbogbo owó tí obìnrin yìí fi ń ṣòwò. Ó wá di ọ̀sẹ̀ 3 tí ọkọ kò rí owó oúnjẹ gbé sílẹ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ìyàwó ń yọ ₦15,000 nínú owó ọjà láti fi ra gààrí, ata àti ẹja. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹta fi parí, ₦75,000 ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn aláró tó ń ra aṣọ lọ́wọ́ wọn kò sì tà á láwìn. Ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti oúnjẹ nìkan, òwò ló ń kú lọ yìí.

Kí ni obìnrin yìí kọ́kọ́ ṣe? Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni. Ó ń bá ewúrẹ́ wí kí àgùntàn lè gbọ́. Bí ọkọ bá jókòó, á kọjú sí àwọn ọmọ, á ní: "Ẹ rọra jẹ ẹ̀bà yẹn o, a kò mọ ibi tí ti ọ̀la yóò ti wá." Ọkọ gbọ́, ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Nígbà tó di alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọkọ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, òógùn ṣì wà lára rẹ̀, ni inú ìyàwó bá bẹ́: "Ẹ̀yin kì í mú owó wá! Gbogbo ìgbà ni! Ṣé bí àwọn ọkọ yòókù ti ń ṣe nìyí?"

Ọkọ náà fò dìde: "Irọ́ ni! Ta ló san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ? Ìwọ ni?" Láti orí owó oúnjẹ, wọ́n bọ́ sórí owó ilé-ìwé, wọ́n sì ti ibẹ̀ kan ìyá ọkọ lára. Ilẹ̀ mọ́, kò sí ẹni tó rántí owó oúnjẹ mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ kò ṣòro rí. "Gbogbo ìgbà" àti "ẹ kì í" ni. Ẹni tó bá gbọ́ irú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ wá ọjọ́ kan ṣoṣo tí òun mú owó wá, kí ó lè fi já ẹni tó sọ ọ́ nírọ́. Ẹjọ́ ló ń rò, kò ráyè gbọ́ pé ẹnì kan nílò nǹkan.

Ní 1999, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Sybil Carrère àti John Gottman, gbé ìwádìí kan jáde lórí 124 tọkọtaya tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó. Wọ́n ní kí tọkọtaya kọ̀ọ̀kan jókòó sọ ọ̀rọ̀ kan tó ń dá aáwọ̀ sílẹ̀ láàárín wọn, fún ìṣẹ́jú 15. Wọ́n wá ṣọ́ wọn fún ọdún 6. Ìṣẹ́jú 3 àkọ́kọ́ nínú ọ̀rọ̀ yẹn ti tó láti fura sí àwọn tó ṣeé ṣe kí wọ́n kọ ara wọn sílẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ti fi ìbínú bẹ̀rẹ̀, ó ṣòro kó tó parí sí rere. Àwọn àgbà wa náà ti wí i tẹ́lẹ̀ pé ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó.

Báwo wá ni kí obìnrin yìí ṣe sọ ọ́? Kí ó kọ́kọ́ wá àsìkò. Kì í ṣe ìgbà tí ọkọ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé tí ebi ń pa á, kì í ṣe níwájú ọmọ iṣẹ́ tàbí àlejò. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ, kó ní: "Bàbá Ìbejì, mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ bá yín sọ. Ṣé àyè wà nísinsìnyí, àbí kó di ọ̀la?" Bí ọkọ bá ní kó máa wí, nǹkan mẹ́ta ni kó sọ, kó sì dákẹ́.

Àkọ́kọ́ ni ohun tí ojú rí, pẹ̀lú iye rẹ̀: "Ọ̀sẹ̀ 3 rèé tí mo ti ń yọ owó oúnjẹ nínú owó ọjà mi. Ó ti di ₦45,000." Èkejì ni ohun tó ṣe fún òun fúnra rẹ̀: "₦75,000 ló kù. Ẹ̀rù ń bà mí pé ọjà yóò tán nílẹ̀, n kò sì ní rówó ra òmíràn." Ẹ̀kẹta ni ohun tó ń fẹ́, kó jẹ́ ẹyọ kan, kó ní iye, kó sì ní ọjọ́: "Mo fẹ́ kí ₦15,000 máa wọlé ní Sátidé fún oúnjẹ. Kí lẹ rí sí i?"

Kò bú ọkọ, kò sì fi í wé ẹnikẹ́ni. Ọkọ kò rí ohun tí yóò já ní irọ́. Ó ronú díẹ̀, ó ní: "Ìyá Ìbejì, n kò mọ̀ pé ó ti tó bẹ́ẹ̀. Oníbàárà méjì ló jẹ mí lówó. N kò lè ṣèlérí ₦15,000 ní gbogbo Sátidé."

Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ẹ̀bẹ̀ tí kò gba "rárá" ti di àṣẹ. Ohun tó yẹ kí ìyàwó bi í ni pé: "Èwo ló ṣeé ṣe?" Wọ́n wá fẹnu kò sí i pé ₦10,000 ni ọkọ yóò máa mú wá. Bí oníbàárà bá san àsansílẹ̀, owó oúnjẹ ni yóò kọ́kọ́ yọ kó tó ra pákó. Ìyàwó yóò fi ₦5,000 kún un, nínú èrè, kì í ṣe nínú ojú owó. Bí ọ̀sẹ̀ kan kò bá ní dára, ọkọ yóò sọ ọ́ láti Ọjọ́bọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4, wọn yóò tún jókòó wò ó.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀sùn tó wọ aṣọ ẹ̀bẹ̀ o. "Ó ń ṣe mí bíi pé ọ̀lẹ ni yín," èébú ni, bí a tilẹ̀ fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́. Bí ẹnì kejì bá dáhùn pé "irọ́ ni," ẹ̀sùn ló gbọ́. Bó bá béèrè pé "èló ni?" tàbí "ọjọ́ wo?", ohun tí ẹ nílò ti yé e. Bí ohùn bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í ga, kí wọ́n dá ọ̀rọ̀ dúró fún bí ìṣẹ́jú 20 kí ara lè rọlẹ̀, kí wọ́n sì dá ìgbà tí wọn yóò padà sí i.

Bàbá náà lè lo ọ̀nà yìí. Káfíńtà tí ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ sí níwájú ọmọ iṣẹ́ lè dúró di alẹ́, kó ní: "Lánàá, o sọ̀rọ̀ owó níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́. Ojú tì mí. Mo fẹ́ kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa dúró di ilé."

Ọ̀nà yìí kò lè sọ ẹni tí kò lówó di olówó. Kò sì wà fún ẹni tó ń na ìyàwó rẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ ọkọ ń dé ara rẹ̀ kò gbọdọ̀ dá nìkan jókòó tì í sọ ọ̀rọ̀. Kí ó kọ́kọ́ wá ibi tí ara rẹ̀ yóò ti balẹ̀, lọ́dọ̀ ẹbí tàbí àwọn aláàánú ìjọba, tàbí kó lọ fi tó ọlọ́pàá létí.